Ọjọ́ márùn-ún, ìbéèrè márùn-ún: bí ẹ ṣe lè gbé ìpara tuntun jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìpara jáde sábà máa ń kọ ọ́ ní ọjọ́ Ajé pé "Ọjà ti dé o, ẹ wá rà á." Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ, yóò kàn pààrọ̀ fọ́tò. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, àwọn tó ń wo sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń fò ó kọjá. Ọjà lè dára gan-an kí èyí sì ṣẹlẹ̀, torí pé ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ ra nǹkan tí yóò fi para ju "ṣé ó ti dé" lọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irú ara tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹni tó ti lò ó rí, àti iye rẹ̀ pẹ̀lú bí yóò ṣe tẹ òun lọ́wọ́. Ìbéèrè márùn-ún nìyẹn, ọjọ́ iṣẹ́ náà sì jẹ́ márùn-ún. Kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dáhùn ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ọmọbìnrin kan tó kàwé jáde ní LAUTECH ní ọjà mẹ́ta tó fẹ́ gbé jáde: òrí tí wọ́n lù títí ó fi fúyẹ́, tó wà nínú ike 200 gíráàmù, ọṣẹ dúdú, àti òróró ara. Ìparí oṣù Kọkànlá ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti ń yọjú, tí owó oṣù sì ti ń wọlé. Ìgbà náà bá ọjà rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á níyànjú pé kó polongo ọjà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Òrí yẹn nìkan ni kó fi ṣe olórí ọ̀sẹ̀, kí ọṣẹ àti òróró yọjú ní ọjọ́ Ẹtì fún ẹni tó bá fẹ́ fi kún tirẹ̀. Ọjà mẹ́ta á di ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì sí ẹni tí yóò dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé

Ìwé NAFDAC ni àkọ́kọ́. Òfin wọn kò fi ìpolówó sílẹ̀: ohun ìpara tí wọn kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ ṣe é, tà á tàbí polówó rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, tí nọ́ńbà yín kò bá tíì jáde, ẹ sún ọ̀sẹ̀ náà síwájú. Ẹ tún wo ara ike: orúkọ ọjà, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí, nọ́ńbà ìpò tó ti jáde, ìyẹn èyí tí ẹ pò pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àti nọ́ńbà NAFDAC. Nọ́ńbà ìpò yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ẹnì kan bá ní ara òun sú, òun ni ẹ ó fi mọ àwọn tó kù tí wọ́n ra nínú ìkòkò kan náà.

Ìkejì, ẹ ka ike yín. Ọmọbìnrin wa ní 60. Ó ti fún àwọn èèyàn márùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n máa lò ó. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó fi márùn-ún pamọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ bá yọ́ tàbí tó fọ́ lọ́nà. 50 ló kù láti tà, 50 náà sì ni yóò dárúkọ, kì í ṣe "ọjà wa kò pọ̀ o".

Ìkẹta ni fóònù. Ẹ̀rọ Wásáàpù ti àwọn oníṣòwò ní àyè tí ẹ lè to ọjà sí pẹ̀lú fọ́tò àti iye rẹ̀. Ẹ tò ó síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé orúkọ 256 péré ni bùrọ́díkáàsì kan lè gbà, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó ń fi bùrọ́díkáàsì ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ìdajì wọn kò rí i rí. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé, ní ìkọ̀kọ̀, ni láti tún èyí ṣe.

Ọjọ́ Ajé: ṣé tèmi ni?

Lónìí, ẹ má fi ike hàn rárá. Ara ni kí ẹ fi hàn. Ẹ ya fọ́tò ojúgun kan tí ọyẹ́ ti mú, tí èékánná ti fa ìlà funfun sí, kí ẹ sì yà á lẹ́bàá fèrèsé ní òwúrọ̀, láìfi nǹkankan tún un ṣe lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó bá a lọ:

"Ẹ fi èékánná fa ojúgun yín díẹ̀. Ṣé ó fi ìlà funfun sílẹ̀? Ara yín ti gbẹ nìyẹn, bí ẹ tilẹ̀ ti para láàárọ̀. Níbo ló máa ń gbẹ jù lára tiyín: ẹsẹ̀, ọwọ́, àbí ètè? Ẹ fèsì fún mi."

Ohun tó mú èyí dára ni pé ẹni tó ń kà á yóò fa ojúgun rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó bá fèsì pé "Ẹsẹ̀ mi ń là o," ẹ dá a lóhùn ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi kún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà mi pamọ́, mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín ní ọ̀la." Bẹ́ẹ̀ ni bùrọ́díkáàsì yín ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀.

Tí ẹnì kan bá béèrè iye rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ sọ fún un. Kò sí ohun tó ń lé oníbàárà sá bíi kó béèrè "Èló ni?" kí wọ́n dá a lóhùn pé "Ẹ ní sùúrù di Ẹtì."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí tábìlì, kí ẹ sì to ohun tó wà nínú ìpara náà lọ́kọ̀ọ̀kan: òrí nínú igbá, òróró àgbọn nínú ìgò, fítámì E, àti ohun olóòórùn. Ẹ dárúkọ wọn bí wọ́n ṣe pọ̀ sí, èyí tó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó bá ohun tó wà lára ike mu. Tí ọmọbìnrin wa bá fi òrí 150 gíráàmù, òróró àgbọn 45, fítámì E 3 àti ohun olóòórùn 2 ṣe ike kan, 200 pé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè rí báyìí:

"Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Òrí ló pọ̀ jù. Òun ni kì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ. Òróró àgbọn ló ń jẹ́ kó yọ́ lọ́wọ́. Fítámì E kì í jẹ́ kí òróró tètè bàjẹ́. Ohun olóòórùn rẹ̀ kò pọ̀. Kò sí mẹ́kúrì, kò sí ohun tó ń bóra. Kò ní sọ yín di pupa, kò sì ní yí àwọ̀ yín padà."

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn ni ìdí tí ọjọ́ yìí fi wà. Ní Takíè tàbí ní Sábó, ìyá tó bá gbé ìpara tuntun lọ́wọ́ máa kọ́kọ́ yí i wò, ni yóò bá béèrè: "Ọmọ mi, ṣé èyí kì í bóra?" Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí, torí ìpara tó ń bóra pọ̀ nígboro, NAFDAC sì ti fòfin de mẹ́kúrì nínú ohun ìpara. "Rárá o, mà, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí," pẹ̀lú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí tábìlì, ó ju "àdánidá ni gbogbo rẹ̀" lọ, torí àdánidá kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Ẹ sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ pẹ̀lú. Òróró àgbọn lè dí ihò awọ ojú ẹni tí irorẹ́ ń yọ lára. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ gbangba: "Ara ni a ṣe é fún. Ẹni tí irorẹ́ ń yọ lójú, ẹ má fi pa ojú." Ẹ̀rù lè bà yín pé gbólóhùn yìí yóò lé èèyàn lọ. Ẹni tí yóò lé lọ kò bá padà wá bínú ni.

Ọjọ́rú: báwo ni mo ṣe máa lò ó?

Òní ló gba fídíò, ó sì gba iṣẹ́ jù. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ti tó. Ẹ gbé fóònù dúró lórí nǹkan tí kì í mì, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kọjú sí ọwọ́ yín, kí ẹ sì pín in sí mẹ́rin.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi ìwẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀, kí ara ṣì tutù. Ẹ sọ pé kí wọ́n para láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn ìwẹ̀. Òrí kì í fi omi kún ara. Ó ń dí i mọ́ ibẹ̀ ni. Ara tó ti gbẹ tán tí a fi òrí pa á yóò máa dán, ṣùgbọ́n kò ní rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí gbígbẹ bù ú, kì í ṣe ìka tó tutù. Kò sí omi nínú ìpara yìí, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́. Tí omi bá wọ inú ike, ó lè bu. Ẹ má fi èyí ṣe ìkọ̀wé kékeré. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì rí ṣíbí náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn: ìwọ̀n hóró ẹ̀pà méjì fún ẹsẹ̀ kan láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á kó yọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Nínú àwọn tó ń ráhùn pé òrí "ń ṣe ọ̀rá jù," èyí tó pọ̀ ló jẹ́ pé wọ́n bu ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ. Fídíò yìí ló ń gbà yín lọ́wọ́ ìráhùn náà kí ó tó dé.

Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò. Ẹ fi ìka tọ́ka sí inú ìgbọ̀nwọ́, ẹ fi ìpara díẹ̀ síbẹ̀, ìwọ̀n owó ẹyọ kan, kí ẹ sì sọ pé: "Tí ẹ bá gbà á, ẹ kọ́kọ́ fi pa ibí yìí láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Tó bá yún yín, tó pọ́n tàbí tó sú, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ má lò ó mọ́, kí ẹ sì pè mí." Ohun olóòórùn wà lára ohun tó sábà máa ń bí ara nínú ìpara, nítorí náà ìdánwò yìí kì í ṣe eré. Olùtajà tó sọ ọ́ ṣáájú kò ní gbọ́ ọ ní Takíè pé ìpara rẹ̀ ló ba ara èèyàn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ fídíò kò gbọdọ̀ gùn, nítorí fídíò náà ti sọ̀rọ̀: "Ara tútù, ṣíbí gbígbẹ, ìwọ̀n ẹ̀pà méjì. Ẹ dán an wò ní ìgbọ̀nwọ́ kí ẹ tó fi pa gbogbo ara."

Ọjọ́bọ̀: ta ló ti lò ó?

Àwọn márùn-ún tó gba ike ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló máa sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ní ìdí: ìdánwò ìgbọ̀nwọ́ jẹ ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì nílò ọjọ́ mẹ́rìnlá míì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó bá wọn mu lójoojúmọ́. Ẹ má fi gbogbo wọn ṣe ọ̀rẹ́ yín. Kí ọ̀kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá, ọ̀kan ìyá tó ń tajà nínú oòrùn, ọ̀kan ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà, ọ̀kan olùkọ́, ọ̀kan àgbàlagbà tí awọ ara rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń wò yóò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kan.

Ohùn ni kí ẹ gbà, kì í ṣe kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé. Béèrè nǹkan méjì péré lọ́wọ́ wọn: "Ìgbà wo lẹ máa ń pa á?" àti "Kí lẹ kò fẹ́ràn nípa rẹ̀?" Ìbéèrè kejì ló ń mú ohùn náà dùn gbọ́. Tí ọlọ́kadà bá ní, "Ó dára fún ẹsẹ̀ mi, àmọ́ òórùn rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ fún mi," ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn ni ẹni tó ń gbọ́ yóò gba ìyókù gbọ́. Ẹ gba àṣẹ wọn kí ẹ tó lò ó, ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́, kí ẹ sì má dárúkọ ẹni tí kò bá fẹ́.

Ọ̀kan lè sọ pé, "Kódà, ó wo làpálàpá ọmọ mi." Ẹ gé ibi yẹn kúrò, bó tilẹ̀ dùn mọ́ yín nínú. Ìpara ni ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe oògùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ pé ó ń wo àìsàn, ọ̀rọ̀ náà ti di ti oògùn nìyẹn, NAFDAC sì ní ìlànà ọ̀tọ̀ fún oògùn. Ó tún léwu: làpálàpá nílò oògùn tirẹ̀, òrí kò lè pa ohun tó fà á. Ìyá mìíràn tó bá gbọ́ ọ lè fi òrí pa ọmọ rẹ̀ fún oṣù kan kó tó lọ sílé ìwòsàn.

Ní ti fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn, ara gbígbẹ máa ń dán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá ti fi ohunkóhun olóròóró pa á. Fọ́tò tí ẹ yà ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìpara kò fi nǹkankan hàn. Ẹ ya ti ṣáájú ní òwúrọ̀ kí ó tó wẹ̀, kí ẹ ya ti lẹ́yìn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ní òwúrọ̀ náà, kí ó tó wẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé kan náà.

Ọjọ́ Ẹtì: èló ni, báwo ni yóò ṣe dé?

Àwòrán ike wà lónìí, kò sì sí ìtàn mọ́. Ẹ fi í sáfẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ kí àwọn èèyàn tó lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ tún un fi sí i lálẹ́. Ẹ yẹra fún àkókò ìrun Jímọ́ọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ₦4,000 ṣe àpẹẹrẹ:

"Òrí lílù 200 gíráàmù: ₦4,000. Ike 50 ló wà nílẹ̀. A ó gba owó títí di aago mẹ́jọ alẹ́ òní. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba tirẹ̀ ní ọ̀la: aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ní Takíè, aago mẹ́wàá ààbọ̀ sí mọ́kànlá ààbọ̀ ní ẹnu ọ̀nà LAUTECH. Ẹni tó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn, a ó fi ránṣẹ́ láti gáréèjì, ẹ̀yin ni ẹ ó san owó ọkọ̀. Ọṣẹ dúdú àti òróró ara náà wà, ẹ béèrè."

Ẹ wo bí aago ṣe wà nínú rẹ̀. "A máa gbé e wá bá yín" kò tó; ẹni tó ń san owó fún ẹni tí kò mọ̀ fẹ́ mọ ibi tí yóò dúró sí, àti ìgbà tí yóò dúró síbẹ̀.

Tí ẹnì kan bá fi fọ́tò ìwé ìsanwó ránṣẹ́, ẹ má gbé ike jáde lórí ìyẹn. Ẹ wọ inú àkáǹtì yín, kí ẹ rí owó náà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń tún fọ́tò ṣe, àwọn mìíràn ń fi àlàátì èké ránṣẹ́. "Ẹ ṣé o, mo ń dúró kó wọlé" kì í ṣe àfojúdi sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ máa dín iye ike kù bó ṣe ń tà: "Ó ku 31." "Ó ku 12." Kó jẹ́ òtítọ́. Tí ó bá tán ní aago mẹ́rin, ẹ sọ pé ó ti tán, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó kù fún ìpò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá tún rí "Ó ku 12" ní Àbámẹ́ta kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń lọ ségesège

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ ìbéèrè tí wọ́n bi yín sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í gan-an. Òun ni òṣùwọ̀n yín, ju iye àwọn tó wò lọ. Tí ọ̀pọ̀ bá wo àtẹ̀jáde ọjọ́ Ajé tí ẹnikẹ́ni kò sì fèsì, ìbéèrè náà ni kò yé wọn tàbí kò kàn wọ́n. Ẹ tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ má tíì lọ sí Ìṣẹ́gun. Tí wọ́n bá ṣì ń béèrè "Ṣé kì í bóra?" ní Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́gun kò dé ibi tó yẹ, ẹ tún un fi ránṣẹ́ kí ẹ tó fi fídíò sáfẹ́fẹ́. Tí Ọjọ́bọ̀ bá dùn tí Ẹtì kò sì mú owó wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti ń fèsì láti Ajé ohun tó dá wọn dúró. Owó ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, kì í ṣe owó ike, ìdáhùn rẹ̀ sì ni kí ẹ fi ibi ìgbajà kan kún un.

Àbámẹ́ta, lójú oòrùn

Ọyẹ́ mú láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì gbóná. Òrí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ tí ooru bá ti sún mọ́ ti ara èèyàn, inú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àkókò ìgbajà fi wà ní òwúrọ̀. Èyí tó ń lọ sí gáréèjì, ẹ gbé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé e nípọn, kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ pé kó má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì.

Bó ti wù kí ó rí, ẹnì kan yóò pè pé tòun ti di hóró-hóró bíi gàrí. Kò bàjẹ́. Ó yọ́ lọ́nà ni, ó sì tún dì díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ tó le jù ló kọ́kọ́ kó ara rẹ̀ jọ. Ẹ ní kó gbé ike náà tí wọ́n dé pa sínú abọ́ omi gbígbóná títí yóò fi yọ́ tán, kí omi má kan ẹnu rẹ̀, kó fi ṣíbí gbígbẹ rò ó, kó sì gbé e sínú fíríìjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó lè tètè dì. Tí kò bá ní iná, kó mú un padà wá, kí ẹ fún un ní ọ̀kan nínú márùn-ún tí ẹ fi pamọ́.